Ẹ má ka wákàtí bàálù nìkan: àṣìṣe àwọn tó ń gbé ọmọ ọwọ́ wọ bàálù láti Ilé-Ifẹ̀

Bàálù tó ń ti Ìkẹjà lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ń lo nǹkan bí wákàtí 6 àbọ̀ lójú òfurufú. Iye yẹn gan-an ni ọ̀pọ̀ ìyá fi ń di ẹrù ọmọ: fíídà méjì, pámpásì mẹ́rin, aṣọ ìpààrọ̀ kan. Ọmọ ọ̀hún á sì ti mu fíídà méjèèjì tán kí wọ́n tó pè wọ́n wọ bàálù rárá. Ìnira tó wà níbẹ̀ ṣe é yẹra fún, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ yìí fi ń ká mi lára.

Àṣìṣe kìíní nìyẹn: kíka wákàtí láti Ìkẹjà dípò láti ẹnu ọ̀nà ilé. Ẹ jẹ́ ká mú ọmọ oṣù 6 kan tó ń mu mílíìkì agolo. Lágere nílùú Ilé-Ifẹ̀ ni ìyá rẹ̀ ń gbé, aago 11 alẹ́ ni bàálù wọn ń gbéra. Wákàtí mẹ́ta ṣáájú ló yẹ kí wọ́n ti wà níbi káńtà, ìyẹn aago 8. Ṣùgbọ́n Gbọ̀ngán, Ìkirè, Asejirè àti Ìbàdàn wà láàárín, ọ̀nà márosẹ̀ sí Èkó ṣì wà níwájú, tírélà kan ṣoṣo tó bá dábùú ọ̀nà lè gba wákàtí méjì lọ́wọ́ wọn. Nítorí náà, aago 11 àárọ̀ ló yẹ kí wọ́n kúrò nílé. Bàálù á balẹ̀ ní nǹkan bí aago 5 àbọ̀ ìdájí. Tí wọ́n bá fi tò níwájú àwọn aṣọ́bodè, tí wọ́n gba ẹrù, tí wọ́n rí ọkọ̀, aago 7 ti lù. Wákàtí 20 rèé.

Ọmọ tó ń jẹun ní wákàtí mẹ́ta àbọ̀ sí mẹ́rin mẹ́rin á jẹun bí ẹ̀ẹ̀mẹfà láàárín wákàtí 20. Ẹ fi mẹ́ta kún un nítorí bàálù tó lè pẹ́ gbéra, ó di mẹ́sàn-án. Tó bá jẹ́ mílílítà 180 ló ń mu lẹ́ẹ̀kan, tí agolo rẹ̀ sì sọ pé síbí kan sí mílílítà 30, síbí mẹ́fà ni fún oúnjẹ kan, síbí 54 ni gbogbo rẹ̀. Agolo 400 gíráàmù kan á kárí rẹ̀, á tún ṣẹ́kù. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára agolo tiyín, torí síbí wọn kì í ṣe ọ̀kan náà.

Èkejì, kò sì sí èyí tó ń bí mi nínú tó o: pípo mílíìkì sílẹ̀ láti ilé. Wọ́n á po fíídà mẹ́rin ní àárọ̀, wọ́n á tò ó sínú báàgì, wọ́n ní ìdí ni pé kí ọwọ́ àwọn lè rọrùn. Mílíìkì agolo tí a ti pò kì í kọjá wákàtí méjì níta fìríìjì. Tí ọmọ bá ti fẹnu kàn án, wákàtí kan péré ló kù fún un. Fíídà tí wọ́n pò ní Lágere ní aago 11 ti bà jẹ́ kí wọ́n tó débi tí wọ́n á ti fún ọmọ ní èkejì rẹ̀, pàápàá nínú ooru ọkọ̀. Ohun tó burú jù ni pé kò ní rùn, kò ní dì, àwọ̀ rẹ̀ kò ní yàtọ̀. Inú ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣu lójú òfurufú ló máa sọ fún yín, omi sì máa ń tètè tán lára ọmọ oṣù 6.

Bí ẹ ṣe máa ṣe é nìyí. Ẹ wọn ìyẹ̀fun mílíìkì gbígbẹ síbí mẹ́fà mẹ́fà sínú ike kékeré olómorí, ike kan fún oúnjẹ kan. Fíídà tí ẹ ti bọ̀, tó ti gbẹ, ẹ dé e pa. Omi gbígbóná nìkan ló kù tí ẹ ó máa wá. Kí omi náà gbóná tó ìwọ̀n 70 lórí Sẹ́lísíọ̀sì, torí ìyẹ̀fun inú agolo fúnra rẹ̀ lè ní kòkòrò àìsàn nínú, ooru omi ló ń pa á. Omi tó hó, tí ẹ sì fi sílẹ̀ tí kò ju ìṣẹ́jú 30 lọ, ṣì wà ní ìwọ̀n yẹn. Èyí tó ti di lọ́wọ́ọ́wọ́ nínú fúláàsì kò wúlò fún iṣẹ́ yìí mọ́. Nítorí náà, fúláàsì ilé wà fún ojú ọ̀nà. Ẹ da ìyókù nù kí ẹ tó dé ibi àyẹ̀wò, kí ẹ sì bu omi híhó tuntun lọ́wọ́ àwọn olóúnjẹ tó wà nínú pápákọ̀. Nínú bàálù, ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ni ẹ ó ti gbà á. Ẹ má dúró dìgbà tí ọmọ bá ń ké. Ẹ pè wọ́n ní ìdajì wákàtí ṣáájú, ẹ po mílíìkì, ẹ dé fíídà dáadáa, kí ẹ gbé e sínú ife omi yìnyín títí á fi tutù. Ẹ kán an sí ọrùn ọwọ́ kí ẹ tó fi sí ọmọ lẹ́nu.

Ìyá tó ń fún ọmọ lọ́mú kò nílò gbogbo wàhálà yìí. Omi ọmú tí ẹ bá fún sínú ike ni kẹ́ ẹ ṣọ́: wákàtí mẹ́rin ló lè lò níta, ó lè tó wákàtí 24 nínú kúlà tí àpò yìnyín rẹ̀ dì gbagidi. Ní ibi àyẹ̀wò, oúnjẹ ọmọ kò sí lára ohun olómi tí wọ́n fi mílílítà 100 ṣe òpin fún, ṣùgbọ́n ẹ yọ ọ́ kúrò nínú báàgì fúnra yín, kí ẹ sì sọ pé ti ọmọ ni kí wọ́n tó béèrè.

Ògì ń kọ́? Ògì tútù á máa kan sí i lójú ọ̀nà, ẹ fi sílé. Ògì gbígbẹ ni kẹ́ ẹ mú, inú ike tí ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sí lára ni kó wà. Ìyẹ̀fun funfun inú ọ̀rá tí kò ní orúkọ á dá yín dúró.

Wọ́n tún máa ń fún ọmọ lóúnjẹ ní gbàrà tí wọ́n bá jókòó. Bàálù lè dúró sórí ilẹ̀ fún ogójì ìṣẹ́jú, ọmọ á ti yó, á ti sùn, kó tó gbéra. Mímu àti gbígbé mì ló ń ṣí ihò tó so etí pọ̀ mọ́ ọ̀fun, tí etí kò fi ní dùn ún nígbà tí afẹ́fẹ́ inú bàálù bá ń yí padà. Ìgbà tí bàálù bá ń sáré fẹ́ gbéra ni kẹ́ ẹ fi ọmú tàbí fíídà sí i lẹ́nu. Bíbọ̀ wálẹ̀ ló ń le jù fún etí, ó sì ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ìdajì wákàtí kí ó tó balẹ̀. Ẹ fi oúnjẹ kan pamọ́ dìgbà yẹn, ẹ sì jí ọmọ tó bá ń sùn.

Ní ti ìjókòó, ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2 lè jókòó lẹ́sẹ̀ ìyá, ìdá mẹ́wàá owó àgbàlagbà ló sábà máa ń san lọ sókè òkun. Tó bá máa pé ọdún 2 kí ẹ tó padà, ìjókòó tirẹ̀ ni ẹ ó sanwó fún nígbà tí ẹ bá ń padà bọ̀. Ẹ má gbà fún ẹni tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì tó bá ní kẹ́ ẹ wá fi ọmọ kún un ní pápákọ̀. Iye ọmọ ẹsẹ̀ tí bàálù kan lè gbà ní gbèdéke, torí ìbòmú afẹ́fẹ́ ìmí tó wà lókè orí ìlà ìjókòó kọ̀ọ̀kan níye.

Básínẹ́ẹ̀tì, ibùsùn kékeré tí wọ́n ń gbé kọ́ ara ògiri níwájú ìjókòó kan, kì í bá tíkẹ́ẹ̀tì wá. Ẹ pe ilé iṣẹ́ bàálù lọ́jọ́ tí ẹ bá ra tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ sọ ìwúwo àti gígùn ọmọ. Ọ̀pọ̀ wọn fi kílò 10 tàbí 11 ṣe òpin, ṣùgbọ́n kálukú ló ní tirẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n fi ránṣẹ́ ní kíkọ, kí ẹ tún pè ní ọjọ́ mẹ́ta sí ìrìn àjò. Tí ẹ bá máa pààrọ̀ bàálù lójú ọ̀nà, ẹ béèrè fún ti ìkejì lọ́tọ̀.

Ohun tí wọn kì í sọ fún èèyàn nípa ìjókòó yẹn ni pé kò sí ìjókòó níwájú rẹ̀ tí ẹ lè ti báàgì sí lábẹ́. Gbogbo ẹrù ló ń lọ sókè nígbà ìgbéra àti ìbalẹ̀. Kí fíídà, pámpásì kan àti aṣọ ìnujú ti wà lọ́wọ́ yín kí wọ́n tó gbé e lọ. Gbogbo ìgbà tí iná bẹ́líìtì bá tàn ni ẹ ó sì gbé ọmọ jáde nínú básínẹ́ẹ̀tì, ì báà ti sùn. Bẹ́líìtì kékeré tí wọ́n ń fi kọ́ tiyín ni ẹ ó fi dì í. Ẹ má fi bẹ́líìtì tiyín dì í mọ́ ikùn, torí tí bàálù bá dá dúró lójijì, ara yín ni yóò tẹ̀ ẹ́. Ọ̀já náà kò dúró fún bẹ́líìtì.

Nínú pápákọ̀, ọ̀já tún wúlò ju kẹ̀kẹ́ ọmọ lọ. Tó bá pọn dandan kẹ́ ẹ mú kẹ̀kẹ́, èyí tó ń ká pọ̀ pẹ̀lú ọwọ́ kan ni kó jẹ́. Wọ́n á gbà á lẹ́nu ọ̀nà bàálù, wọ́n á fún yín ní táàgì. Ẹ béèrè lójú ẹsẹ̀ bóyá ẹnu ọ̀nà ni wọ́n á ti dá a padà tàbí ibi tí ẹrù ń yí, kẹ́ ẹ yọ ife àti ohun tó lè já lára rẹ̀, kẹ́ ẹ má sì fi nǹkan kan sínú apẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Ìwé ló kù, orúkọ ló sì máa ń dá wàhálà sílẹ̀. Lọ́jọ́ ìkómọjáde, bàbá àgbà sọ ọ́ ní Adéwálé, ìyá àgbà ní Ifáṣọlá, ìyá ní Ọlámidé. Orúkọ kan wọ ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí, òmíràn wọ NIN, ìkẹta wọ tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ yan orúkọ ìwé kí ẹ tó lọ gba ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí lọ́wọ́ Àjọ Ètò Ìkànìyàn. Òun ni ẹ ó fi gba NIN ọmọ, orúkọ tó wà lórí NIN ló máa wọ páásípọọ̀tù tí ẹ bá lọ sí Òṣogbo. Bí wọ́n bá kọ “Ifasola” síbì kan, kí wọ́n má kọ “Ifashola” síbòmíràn. Ọmọ ní páásípọọ̀tù tirẹ̀ àti físà tirẹ̀, kò sí èyí tó wà lórí ti ìyá.

Tí bàbá kò bá bá wọn lọ, ìyá náà nílò lẹ́tà ìyọ̀ǹda tí bàbá fọwọ́ sí, tó sọ ọjọ́ àlọ àti àbọ̀, pẹ̀lú ẹ̀dà ojú ìwé àwòrán páásípọọ̀tù bàbá. Tí páásípọọ̀tù ìyá bá ṣì ń jẹ́ orúkọ ilé bàbá rẹ̀, kó mú ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó àti ojúlówó ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí ọmọ, tó ní orúkọ ìyá àti bàbá, torí orúkọ ìdílé òun àti ọmọ kò bára mu lójú aṣọ́bodè. Ibi tí ọwọ́ kan á tó o ni kí gbogbo rẹ̀ wà, nítorí ọmọ ló máa wà ní ọwọ́ kejì.