Bí mo ṣe fèsì fún oníbàárà tó ní gbẹ̀gìrì wa kan

“Ẹ má débẹ̀ o. Gbẹ̀gìrì wọn kan. Odindi wákàtí kan ni mo fi dúró kí wọ́n tó bù fún mi, ọmọ tó ń bu oúnjẹ sì ń pòṣé sí mi. Wọ́n tún gba 300 náírà lé owó oúnjẹ. Olè ni wọ́n.”

Ohun tí ẹnìkan kọ nípa ilé oúnjẹ àǹtí mi ní Ìbàdàn nìyẹn, lórí Google Maps, pẹ̀lú ìràwọ̀ kan ṣoṣo. Èmi ni mo ń bá wọn mójú tó ojú ewé náà, torí náà èmi ni wọ́n pè. Kí n tó dé ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n ti to èsì tí wọ́n fẹ́ kí n kọ sẹ́nu: “Irọ́ lo pa. Àwa kì í ta gbẹ̀gìrì tó kan. Ìṣẹ́jú 25 lo fi dúró, a ní àkọsílẹ̀ rẹ̀. A mọ̀ ẹ́, a sì mọ ẹni tó rán ẹ níṣẹ́.” Mo ní, “Àǹtí mi, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ wádìí. Bó bá dọ̀la, màá fèsì.” Inú wọn ò dùn sí i, ṣùgbọ́n wọ́n gbà.

Bí mo ṣe ka ọ̀rọ̀ náà, ẹ̀sùn mẹ́rin ló wà níbẹ̀, èébú kan sì tẹ̀ lé e. Mo fi èébú yẹn sílẹ̀, mo mú àwọn ẹ̀sùn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ilé ìdáná ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Mi ò bi wọ́n léèrè pé ta ló ta gbẹ̀gìrì tó kan, torí gbogbo wọn ni ì bá sẹ́. Ohun tí mo ní kí ìyá tó ń se ọbẹ̀ sọ fún mi ni bí wọ́n ṣe lo gbẹ̀gìrì lọ́jọ́ Sátidé tí oníbàárà náà wá, láti àárọ̀ títí wọ́n fi tilẹ̀kùn. Ìyá ṣàlàyé ohun gbogbo fún mi láìfi nǹkan kan pamọ́. Ìdájí ni wọ́n ti se ti àkọ́kọ́, tí wọ́n dà á sínú kúlà. Nígbà tó di ọ̀sán, tí èrò pọ̀, tí ti inú kúlà sì ń tán lọ, wọ́n gbé ìkòkò kejì sọ̀kalẹ̀ lórí iná, wọ́n sì dà á lé èyí tó kù nínú kúlà yẹn.

Ẹni tó bá ti se gbẹ̀gìrì rí kò nílò àlàyé jìnnà. Ẹ̀wà tí wọ́n bó, tí wọ́n sè, tí wọ́n sì jọ̀ kì í pẹ́ kan bó bá ti ń lọ́ wọ́ọ́rọ́. Bí ti àárọ̀ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ìfófòó wẹ́wẹ́ létí kúlà, tuntun tí wọ́n bá dà lé e máa bá a kan ni. Ìmọ̀ràn Àjọ Ìlera Àgbáyé ni pé kí oúnjẹ tí a ti sè máa gbóná ju ìwọ̀n 60 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius títí a ó fi bù ú fún ẹni tó máa jẹ ẹ́, àti pé kí a má fi í sílẹ̀ kọjá wákàtí 2 nínú ooru ilé lásán. Kúlà tí wọ́n ń ṣí, tí wọ́n ń dé láti ìdájí kò lè gbóná tó bẹ́ẹ̀ mọ́ lọ́sàn-án. Ọmọ tó ń palẹ̀ àwo mọ́ tún sọ fún mi pé àwọn àwo kan padà wá lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn tí ewédú inú wọn ti tán, tí wọn ò fọwọ́ kan gbẹ̀gìrì. Òótọ́ ni ẹ̀sùn àkọ́kọ́.

Mo lọ wo àtẹ iye owó lára ògiri. Iye owó àmàlà, ẹran, pọ̀nmọ́ àti ẹja wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ti ike tí wọ́n fi ń di oúnjẹ fún ẹni tó bá fẹ́ gbé e lọ. Owó ike yẹn ni 300 náírà náà. Òfin ọdún 2018 tó ń dáàbò bo oníbàárà ní Nàìjíríà sọ pé kí oníṣòwò fi iye owó ọjà han ẹni tó fẹ́ rà á, kò sì di dandan kí ẹni náà san ju iye tó rí lọ. Bó ti wù kí ọ̀rọ̀ “olè” le tó, ẹ̀bi owó yẹn tiwa ni.

Ti ìdúró ni mo fẹ́ kí ẹ fọkàn sí, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ oníṣòwò ti ń ṣubú. Àkọsílẹ̀ wa fi hàn lóòótọ́ pé láti ìgbà tí oníbàárà náà sanwó títí wọ́n fi gbé oúnjẹ lé e lọ́wọ́, ìṣẹ́jú 25 ni. Ṣùgbọ́n ìgbà tó sanwó ni ẹ̀rọ wa ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka àkókò. Kò sí ẹni tó lè sọ iye ìgbà tó ti fi tò lórí ìlà kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń gba owó, Sátidé sì ni, èrò kún dé ẹnu ọ̀nà. Bí a bá gbé ìṣẹ́jú 25 jáde fún un, ẹ̀rí tí kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣáájú rẹ̀ la gbé jáde. Ká tilẹ̀ ní ó fi kún un, kí ló máa jẹ́ èrè wa? Ẹni tó ń kà á máa rí ilé oúnjẹ tó ń bá oníbàárà ka ìṣẹ́jú.

Ní ti òṣé, ọmọbìnrin tó ń bu oúnjẹ ní òun ò pòṣé. Mi ò sí níbẹ̀, mi ò sì lè gbè lẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Ó dá mi lójú pé a ò gbọ́dọ̀ sọ ní gbangba pé irọ́ ni, a ò sì gbọ́dọ̀ sọ pé a ti bá ọmọ náà wí, torí orúkọ ọmọ ọlọ́mọ la máa fi ṣòfò.

Mo wá jókòó ti àǹtí mi, mo ní kí a gbé èsì tí wọ́n fẹ́ kọ́kọ́ kọ yẹ̀ wò. Ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ náà ti jẹun, ó ti bínú, ó ti lọ. Ẹni tó máa ka èsì wa ni ẹni tó dúró ní Bódìjà tí ebi ń pa, tó fẹ́ mọ ibi tó ti máa jẹ àmàlà. Kò mọ̀ wá, kò mọ oníbàárà náà. Bó bá rí “irọ́ lo pa”, ohun tó máa rò ni pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á ṣe pe òun náà ní òpùrọ́ lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ bá kan òun. Ti “a mọ ẹni tó rán ẹ níṣẹ́”, kò sí ẹ̀rí kankan fún un. Ti “a mọ̀ ẹ́” ló léwu jù, torí a mọ̀ ọ́n lóòótọ́: orúkọ rẹ̀ wà lára owó tó fi ránṣẹ́ láti báńkì. Òfin ọdún 2023 lórí ìdáàbòbò ìsọfúnni aráàlú ní Nàìjíríà kò gbà kí oníṣòwò gbé irú rẹ̀ síta bó ṣe wù ú. Kó tilẹ̀ tó di ti òfin, ta ló tún máa fowó ránṣẹ́ sí ilé oúnjẹ tó ń fi orúkọ oníbàárà halẹ̀ mọ́ ọn?

Àǹtí mi ní, “Ṣé kí n wá gbà lójú gbogbo ayé pé gbẹ̀gìrì mi kan?” Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni mà. Àwọn tó dá àwo padà lọ́jọ́ yẹn mọ̀ pé ó kan. Bí ẹ bá sẹ́, àwọn ni wọ́n á tún wá kọ tiwọn sábẹ́ ẹ̀.” Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n ní kí n máa kọ ọ́.

Mi ò kọ ọ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Mi ò fẹ́ kọ “a máa ṣe é” síbi tí gbogbo èèyàn ti lè kà á. A ra kúlà mìíràn, ìyá tó ń se ọbẹ̀ sì pín in pé ìkòkò kan, kúlà kan. Ayàwòrán wá kọ owó ike sórí àtẹ. Ìgbà tí ọ̀dà rẹ̀ gbẹ ni mo tẹ Reply. Oníbàárà náà fi Yorùbá kọ tirẹ̀, mo fi Yorùbá dá a lóhùn lórúkọ àǹtí mi:

“Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ẹ ṣeun tí ẹ sọ ohun tí ojú yín rí. A ti wádìí ọ̀rọ̀ gbẹ̀gìrì, òótọ́ ni. Wọ́n da tuntun lé èyí tó ti wà nínú kúlà láti àárọ̀, ó sì kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ní báyìí, ìkòkò kọ̀ọ̀kan ti ní kúlà tirẹ̀. Owó ike kò sí lára àtẹ wa, kò yẹ kí a gbà á lọ́wọ́ yín. A ti kọ ọ́ síbẹ̀, 300 náírà yín sì wà nílẹ̀ fún yín. Bí ẹ ṣe dúró pẹ́ àti bí ẹ ṣe ní wọ́n ṣe sí yín dùn wá, a ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá irú rẹ̀ pàdé lọ́dọ̀ wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pe nọ́ńbà tó wà lójú ewé yìí, èmi tí mo ni ilé oúnjẹ ni màá gbé e.”

Google gbà kí èsì gùn ju báyìí lọ dáadáa, ṣùgbọ́n lójú fóònù, èyí tó bá gùn máa ń fara pamọ́ títí òǹkàwé á fi tẹ̀ ẹ́ kó tó ṣí. Ìdí nìyẹn tí gbẹ̀gìrì fi wà lókè. Mi ò da “olè” padà sí i lẹ́nu, mi ò sì sẹ́ ẹ. Mi ò kọ “ẹ má bínú bí a bá ṣẹ̀ yín”, torí “bí” yẹn máa ń dun ẹni tí a ṣẹ̀ ju kí a má bẹ̀ ẹ́ rárá lọ. Mi ò sì ṣèlérí oúnjẹ ọ̀fẹ́. Owó tí a jẹ ẹ́ yàtọ̀, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n Google kò fàyè gba kí oníṣòwò fi ẹ̀bùn pàrọ̀ ìràwọ̀, oúnjẹ ọ̀fẹ́ ní gbangba sì máa kọ́ àwọn mìíràn pé ẹni tó bá pariwo ló ń jẹ.

Ẹ̀gbọ́n wa kan ní ká kàn fi ẹjọ́ sùn kí Google yọ ọ́. Bọ́tìnì rẹ̀ wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọn kì í dá ẹjọ́ ẹni tó jàre láàárín oníṣòwò àti oníbàárà. Ohun tó bá tàpá sí òfin wọn, bí ọ̀rọ̀ ayédèrú, ni wọ́n ń yọ. Ẹni tó jẹun lọ́dọ̀ wa kì í ṣe ayédèrú. Mo tún bẹ gbogbo ẹbí pé kí ẹnikẹ́ni má lọ fi ìràwọ̀ márùn-ún gbè wá lẹ́yìn, kí wọ́n má sì bú ẹni náà.

Ó pè. Àǹtí mi ló gbé e. Wọ́n jẹ́ kó sọ gbogbo tẹnu rẹ̀ tán, wọ́n bẹ̀ ẹ́, wọ́n sì fi owó rẹ̀ ránṣẹ́ sí i kó tó kúrò lórí fóònù. Ó padà lọ tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ kọ: ìràwọ̀ kan di méjì, ó yọ “olè” kúrò, ó kọ pé wọ́n dá owó òun padà. Ti gbẹ̀gìrì ṣì wà níbẹ̀. Àǹtí mi fẹ́ pè é kó bá wọn yọ ìyẹn náà, mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́ fi í sílẹ̀, torí òótọ́ ni, ìdáhùn rẹ̀ sì wà lábẹ́ rẹ̀. Mo ṣí èsì wa, mo yí gbólóhùn tó ní owó wọn wà nílẹ̀ sí pé a ti dá a padà, mo sì fi èyí tó kù sílẹ̀ bó ṣe wà.