Tanwíji nínú táńkì omi òjò: ẹ wo páìpù òfáfúlò kẹ́ ẹ tó dá ọmọrí lẹ́bi

Oṣù kẹfà ni àǹtí mi tó ń gbé ní Ágíríìkì ní Ìkòròdú pè mí pé kí n wá wo táńkì omi òjò òun, pé ẹ̀fọn ò jẹ́ káwọn sùn mọ́. Táńkì lítà 2,000 ni, funfun ni, ẹ̀yìn kíṣínì ló wà, omi ẹ̀ ni wọ́n fi ń fọṣọ tí wọ́n fi ń wẹ̀ torí omi bọ̀hóòlù wọn ń pọ́n bí ìpẹtà. Mo ṣí i, mo tan tọ́ọ̀ṣì sí i, tanwíji ń ta kìtìkìtì lójú omi, ara táńkì sì ti dá àwọ̀ ewé, bí mo ṣe fọwọ́ kàn án ló ń yọ̀ bí ewédú. Ó dùn mí gan-an torí pé obìnrin yìí ò jókòó o, ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ló ń fi asẹ́ kó tanwíji yẹn dànù, ọmọrí táńkì sì máa ń dé pinpin.

Ibi tí ẹ̀fọn ń gbà wọlé ni páìpù òfáfúlò, ìyẹn páìpù kékeré ẹ̀gbẹ́ òkè tí omi ń gbà jáde tí táńkì bá kún. Ó la ẹnu sílẹ̀ gbayawu, kò sẹ́ni tó fi nẹ́ẹ̀tì sí i. Kíkó tí wọ́n ń kó tanwíji náà ò sì lè tán an, torí ẹ̀fọn dúdú abílà funfun tó máa ń jẹni lọ́sàn-án, ara ògiri táńkì ló ń lẹ ẹyin ẹ̀ mọ́, díẹ̀ sókè ibi tí omi dé. Ẹyin yẹn lè gbẹ fún oṣù mélòó kan kó má kú, ọjọ́ tí omi bá ga dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ ló máa pa. Nínú ooru tiwa yìí, bí ọ̀sẹ̀ kan sí ọjọ́ mẹ́wàá ni ẹyin fi ń di ẹ̀fọn tó ń fò. Torí náà ògiri lẹ máa fọ̀, kì í ṣe omi nìkan.

Ẹ tú omi náà dànù sórí ilẹ̀ gbígbẹ tó lè fà á mu, ẹ má dà á sí gọ́tà àdúgbò tí omi ti dúró sí, tanwíji máa dàgbà níbẹ̀ ni. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ọlọ́wọ́ gígùn gba ẹnu táńkì fọ ògiri ẹ̀ yíká, kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tí omi máa ń dé dáadáa, tó bá ṣeé dà dùbúlẹ̀, ẹ dà á dùbúlẹ̀ kó rọrùn. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọnú ẹ̀, pàápàá ọmọdé, atẹ́gùn inú ẹ̀ ò tó. Ẹ ṣan án lẹ́ẹ̀mejì. Tí omi tuntun bá ti wọlé, bílíìsì aláìlóòórùn tí wọ́n kọ 3.5% sí lára, mílílítà 150 ló tó lítà 1,000, tó túmọ̀ sí 300 fún táńkì àǹtí mi tó bá kún. Ẹ jẹ́ kó sùn mọ́jú kẹ́ ẹ tó lò ó. Bílíìsì kékeré yẹn ò ní pa tanwíji o, kòkòrò àìsàn ló wà fún, ẹ má sì pa á pọ̀ mọ́ ásíìdì tí wọ́n fi ń fọ ṣalángá. Omi mímu, ẹ ṣì máa sè é.

Ti àwọ̀ ewé yẹn, ìmọ́lẹ̀ ló ń bọ́ ọ. Táńkì funfun máa ń jẹ́ kí oòrùn wọlé, ẹ yọjú wò ó láti ẹnu ẹ̀ lọ́sàn-án ẹ máa rí i pé inú ẹ̀ mọ́lẹ̀. A fi tapólì dúdú wé táńkì àǹtí mi látòkè délẹ̀, a fi okùn dì í, kò náni lówó púpọ̀. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ra táńkì, kó kúkú ra dúdú.

Lẹ́yìn náà la wá kan nẹ́ẹ̀tì. Ihò nẹ́ẹ̀tì ò gbọ́dọ̀ ju mílímítà kan lọ, nẹ́ẹ̀tì wíńdò mìíràn fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ wò ó kẹ́ ẹ tó sanwó. Ẹnu òfáfúlò, ẹnu ibi tí omi ń gbà wọlé, àti abẹ́ ọmọrí, gbogbo ẹ̀ lẹ máa fi bò, kẹ́ ẹ fi kílíìpù onírin fún un mọ́ páìpù, okùn rọ́bà máa ń já nínú oòrùn. Ẹ gun òrùlé lọ wo gọ́tà páànù náà, tí omi bá ń dúró síbẹ̀ torí ewé tàbí torí pé ó tẹ̀, ibẹ̀ ni ẹ̀fọn máa yé sí, òjò á sì gbá ẹyin ẹ̀ gba inú nẹ́ẹ̀tì wọlé.

Èyí tó gba àkókò wa jù ni páìpù tó ń gba omi àkọ́kọ́. Ìgbẹ́ ẹyẹ, ìgbẹ́ aláǹgbá, eruku ọyẹ́, inú omi tó kọ́kọ́ fọ páànù ni gbogbo ẹ̀ wà, òun náà ló sì ń di oúnjẹ fún àwọ̀ ewé àti tanwíji. Ìṣirò ẹ̀ ò le: ẹ fi ìbú páànù ṣe ìlọ́po òró ẹ̀ ní mítà, kẹ́ ẹ pín in sí méjì, iye lítà tẹ́ ẹ máa yà sọ́tọ̀ ó kéré tán nìyẹn. Ẹ̀gbẹ́ òrùlé tó ń da omi sí táńkì àǹtí mi jẹ́ mítà 9 lóròó, 6 níbùú, 54 nìyẹn, ìdajì ẹ̀ jẹ́ lítà 27, mo sọ ọ́ di 30. Páìpù íǹṣì mẹ́fà máa ń gba bíi lítà 17 ní mítà kan, torí náà mítà 1.8 tó wa. Ti íǹṣì mẹ́rin ò gbà ju lítà mẹ́jọ lọ, ìyẹn ò bá ga jù fún wa.

A gé páìpù tó ń bọ̀ láti gọ́tà, a fi tíì, ìyẹn ìsopọ̀ páìpù ẹlẹ́nu mẹ́ta, sí i ní ibi tó ga ju ẹnu táńkì lọ, apá kan lọ sí táńkì, apá ìsàlẹ̀ wọ rìdúsà, ìyẹn ohun tó ń so páìpù kékeré mọ́ ńlá, mọ́ páìpù íǹṣì mẹ́fà tó dúró gbọọrọ, tí a fi irin dè mọ́ ògiri, torí omi lítà 30 wúwo. Inú páìpù yẹn la ju bọ́ọ̀lù ike fífúyẹ́ sí, tó tóbi ju ẹnu rìdúsà lọ àmọ́ tó ń yí fàlàlà nínú páìpù. Omi ìdọ̀tí á kọ́kọ́ kún páìpù, bọ́ọ̀lù á léfòó, á dí ẹnu rìdúsà, omi tó mọ́ á wá yà sí táńkì. Nísàlẹ̀ pátápátá a fi ìdérí tó ṣeé yí sí i, a lu ihò mílímítà méjì sí i kí omi lè máa kán jáde, láàárín wákàtí mélòó kan ó máa gbẹ.

Ihò kékeré yẹn lẹ máa ṣọ́ jù. Tó bá dí, omi máa dúró sínú páìpù, ẹ̀fọn tí ẹ lé nínú táńkì á lọ bímọ síbẹ̀, òjò tó ń bọ̀ ò sì ní rí àyè wọ̀, ìdọ̀tí á lọ tààrà sínú táńkì. Lẹ́yìn òjò ńlá, ẹ padà wò ó lọ́jọ́ kejì, tí kò bá kán tí páìpù sì wúwo, ẹ yọ ìdérí, ẹ da ẹrẹ̀ jáde, ẹ fi abẹ́rẹ́ gún ihò náà. Àǹtí mi ti ń ṣe é lọ́jọ́ Sátidé, tó bá ti ń ṣe é ó máa ń fi abọ́ funfun bu omi láti ojú táńkì wò, láti oṣù keje kò tíì rí tanwíji kankan nínú ẹ̀.