Bí a ṣe ń gba ìgbẹ́ fún àyẹ̀wò kalipurotẹ́kítìn, kí èsì rẹ̀ má baà ṣini lọ́nà

Inú rírun tó ń lọ tó ń bọ̀, inú tó ń kùn, ìgbẹ́ tó ṣàn lónìí tó sì le lọ́la: jẹ̀díjẹ̀dí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè é ní Ìkòròdú, agbo ni wọ́n sì máa ń kọ́kọ́ bá lọ. Ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ pé ìfun kàn ń ṣe ségesège ni, kò wú, kò ní egbò. Ó sì lè jẹ́ pé ara ìfun gan-an ló ti wú tó ń dá egbò, irú èyí tí àwọn dókítà ń pè ní àìsàn Krọ́ọ̀nù tàbí àìsàn egbò ìfun ńlá. Ìrora méjèèjì jọra. Kalipurotẹ́kítìn, purotéènì kan tí à ń wọ̀n nínú ìgbẹ́, la fi ń yà wọ́n sọ́tọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó ronú kan kámẹ́rà tí wọ́n ń tì bọ ìdí.

Inú sẹ́ẹ̀lì funfun ẹ̀jẹ̀ kan tó ń jẹ́ nutirofíìlì ni purotéènì yìí wà. Bí ìfun bá wú, àwọn sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí á ya wọ ibẹ̀, kalipurotẹ́kítìn inú wọn á sì bá ìgbẹ́ jáde. Kòkòrò inú ìfun kì í tètè jẹ ẹ́ run, ìdí nìyẹn tó fi ṣeé wọ̀n. Lábù á kọ iye rẹ̀ sí ìwé èsì báyìí: µg/g, ìyẹn iye máíkírógíráàmù tó wà nínú gíráàmù ìgbẹ́ kan.

Ẹni tó ń yàgbẹ́ ẹ̀jẹ̀, tó ń rù láìmọ ìdí, tí ẹ̀jẹ̀ kò tó lára rẹ̀, tàbí tí àgbà ti dé sí tí ìgbẹ́ rẹ̀ sì ṣẹ̀ṣẹ̀ yí padà, kó má fi àyẹ̀wò yìí fi àkókò ṣòfò. Ọ̀dọ̀ dókítà ni kó gbà lọ tààrà, nítorí jẹjẹrẹ ìfun lè wà níbẹ̀, èsì kalipurotẹ́kítìn tó dára kò sì tó láti sọ pé kò sí.

Kí ẹ tó gba ìgbẹ́ rárá ni iṣẹ́ yìí ti máa ń bàjẹ́, oògùn ara ríro ló sì sábà máa ń bà á jẹ́. Aibúpúrófẹ̀nì, dáíkílófẹ́nákì, piróksíkáàmù àti àwọn ìbátan wọn máa ń họ ìfun, wọ́n sì lè gbé kalipurotẹ́kítìn sókè lára ẹni tí kò ní àìsàn kankan. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, ó kéré tán, kí ẹ tó gba ìgbẹ́. Ẹ lè lo parasítámọ̀ bí ara bá ń ro yín. Ohun tí ọ̀pọ̀ kì í kà sí oògùn ni àpòpọ̀ tí wọ́n ń dì sínú ọ̀rá kékeré fúnni ní kẹ́mísì pé kí a fi pa ìrora: ó ṣeé ṣe kí dáíkílófẹ́nákì wà nínú rẹ̀. Ẹ béèrè orúkọ hóró kọ̀ọ̀kan. Bí ẹni tó tà á kò bá lè sọ ọ́, ẹ má lò ó. Gẹ́ẹ̀lì tí a fi ń para kò sí lára èyí, ẹ kò ní láti fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ásípírìn tí dókítà kọ fún ọkàn, ẹ má dá a dúró fúnra yín. Ẹ sọ fún un, kó kọ ọ́ sí ìwé àyẹ̀wò. Ohun kan náà ni fún omipurásóòlù tí ẹni tó ní ọgbẹ́ inú ń lò, nítorí òun náà lè gbé e sókè.

Èkejì ni àìsàn kòkòrò. Ẹni tí oúnjẹ tí kò dára ṣẹ̀ṣẹ̀ mú yàgbẹ́ gbuuru, tàbí tó ní amíbà, nutirofíìlì á pọ̀ nínú ìfun rẹ̀ bákan náà. Mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ ṣe àyẹ̀wò ìgbẹ́ tó wọ́pọ̀, èyí tí wọ́n fi ń wá kòkòrò. Kò wọ́n, ó sì wà káàkiri. Bí wọ́n bá rí nǹkan, ẹ tọ́jú rẹ̀ tán, kí ara balẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ bíi mẹ́rin. Ẹ má gba ìgbẹ́ nígbà nǹkan oṣù, tàbí nígbà tí ìdí ń ṣẹ̀jẹ̀. Ẹ má sì gbà á lẹ́yìn tí agbo bá ti fọ inú yín tán: omi á fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ìgbẹ́ náà, iye tí wọ́n bá wọ̀n á sì kéré ju òtítọ́ lọ.

Gbígbà rẹ̀ kò le. Ìgbẹ́ àkọ́kọ́ òwúrọ̀ ni kí ẹ lò, nítorí iye yìí ń yí láti ìgbẹ́ kan sí òmíràn, kódà lọ́jọ́ kan náà. Ẹ kọ́kọ́ tọ̀. Ẹ na ọ̀rá mímọ́ sórí àwo ṣáláńgá, tàbí kí ẹ lo póò gbígbẹ. Ike áísìkiriìmù tí a fọ̀ tó gbẹ náà ń ṣe é. Kí omi ṣáláńgá, ìtọ̀ àti Ìsáàlì má kàn án. Ẹ fi ṣíbí inú ìdérí ìgò lábù bu díẹ̀ díẹ̀ níbi mẹ́ta, kó tó ìdá kan nínú mẹ́ta ìgò. Ẹ má ṣa ibi tó ń yọ̀ bí ikun nìkan. Orúkọ, ọjọ́ àti aago ni kí ẹ kọ sára ìgò, kì í ṣe sórí ìdérí.

Ọ̀nà ló kù. Ooru máa ń dín kalipurotẹ́kítìn kù bí ìgò bá pẹ́ nínú rẹ̀, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ láti Ìkòròdú dé Mile 12 sì lè jẹ àárọ̀ kan tán. Ẹ fi ìgò sínú ọ̀rá méjì, kí ẹ gbé e sínú kúlà kékeré pẹ̀lú omi inú ọ̀rá tó ti dì, tí ẹ fi aṣọ wé. Bí kò bá lè lọ lọ́jọ́ náà, fíríìjì ni, àfi bí iná kò bá dúró. Ẹ kọ́kọ́ fi fóònù béèrè ọjọ́ tí wọ́n ń ṣe àyẹ̀wò náà, nítorí ọ̀pọ̀ lábù máa ń kó wọn jọ kí wọ́n tó ṣe é. Èmi kì í fara mọ́ Fráìdè, nítorí ìgò lè jókòó síbẹ̀ di Mọ́ńdè.

Kíka èsì wá. Fún àgbàlagbà, bí kò bá tó 50, kò jọ pé ìfun wú. Láti 50 sí 250, kò tíì dájú, ẹ tún un ṣe. Bó bá kọjá 250, ìfun ń wú, ó yẹ kí dókítà tó mọ̀ nípa ìfun rí i. Lábù kan lè fi ààlà tirẹ̀ síbòmíràn, nítorí náà ẹ ka èyí tí wọ́n tẹ̀ sórí ìwé. Lábù kan náà ni kí ẹ padà sí, nítorí iye tí ohun èlò kan bá fúnni lè yàtọ̀ gan-an sí ti òmíràn. Ti ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́rin máa ń ga láìsí àìsàn, ẹ má fi wọ́n wé ti àgbà.

Ká ní obìnrin ẹni ọdún 29 kan ń ta ẹja ní Ẹ̀bùtè, inú ti ń run ún fún oṣù mẹ́rin, kò rù, kò yàgbẹ́ ẹ̀jẹ̀. Èsì rẹ̀ jẹ́ 168. Wọ́n bi í, ó ní òun ń mu aibúpúrófẹ̀nì lálaalẹ́ nítorí ẹ̀yìn. Wọn kò wá kámẹ́rà sí i. Ó fi oògùn náà sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó tún ìgbẹ́ gbà láàárọ̀, lábù kan náà: 34. Ìtọ́jú ìfun tó ń ṣe ségesège ni dókítà gbé e sí, láìtì nǹkan kan bọ ìdí rẹ̀. Ká ní 168 náà ló tún wà níbẹ̀ ni, tàbí pé ó lọ sí 300, kámẹ́rà ló kàn.

Iye tó ga kò dárúkọ àìsàn. Ikọ́ ife lè wọ ìfun, ó sì ń gbé kalipurotẹ́kítìn sókè bí Krọ́ọ̀nù ṣe ń ṣe, bẹ́ẹ̀ sì ni oògùn tó ń rọ agbára ìjà ara tí wọ́n fi ń tọ́jú Krọ́ọ̀nù lè jẹ́ kí ikọ́ ife tàn. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni nínú ilé yín bá ti ní ikọ́ ife rí, tàbí tí ibà alẹ́ àti òógùn òru bá ń bá yín fínra, ẹ sọ ọ́ fún dókítà kó tó kọ oògùn kankan.