Ẹ má fún Ìbùráhíìmù ní kísírà: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ lórí ọ̀rọ̀ tí kì í gba tánwíìnì

Ẹ tẹ́tí sí bí àwọn èèyàn ṣe ń ka àsàlátù nígbà tí wọ́n bá jókòó nínú ìrun. “Aláà Muhamádìn wa aláà áálì Muhamádìn”, ibẹ̀ yẹn dáa, kò sí wàhálà. Wọ́n á wá dé “kamáà sọ́láéta aláà”, kísírà ti mọ́ wọn lẹ́nu, ni wọ́n á bá ki “Ìbùráhíìmì” bọ̀ ọ́, àwọn kan á tún wá gbé tánwíìnì lé e, “Ìbùráhíìmìn”. Kò tọ̀nà rárá o. “Aláà Ìbùráhíìmà wa aláà áálì Ìbùráhíìmà” ni, fátúhà kan péré, kò sí tánwíìnì níbẹ̀. Ìdí tí àṣìṣe yìí fi ń pẹ́ lẹ́nu èèyàn ni pé ọ̀pọ̀ wa máa ń dánu dúró lórí Ìbùráhíìmù kejì, a ò sì ń gbọ́ fátúhà tàbí kísírà lẹ́nu ẹni tó bá dúró, ti àkọ́kọ́ nìkan ló máa ń tú àṣírí.

Mámúnúù mínásọ́ráfì làwọn alùfáà ń pe irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú náhúwù. Ó máa ń gba dọ́mà ní ráfúù, ó máa ń gba fátúhà ní násúbù, tó bá wá di járì, ìyẹn tí harafu járì bíi aláà, iláà, fíì, mínì àti bi bá wà níwájú ẹ̀, tàbí tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ míì ti, fátúhà yẹn náà ló tún máa gbà dípò kísírà. Kò ní tánwíìnì ní ibì kankan.

Àṣìṣe tó tẹ̀ lé e ni kéèyàn rò pé gbogbo orúkọ ànábì ló rí bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣí Súrátù Nisáì, áyà 163, kò sí ibi tó dáa tó ibẹ̀ láti fi wo ọ̀rọ̀ yìí. “Iláà Núúhìn” ló fi bẹ̀rẹ̀ orúkọ wọn, kísírà pẹ̀lú tánwíìnì, ó wá bọ́ sí “iláà Ìbùráhíìmà wa Ìsùmáíìlà wa Ìsìháàkà wa Yakúùbà”, fátúhà tò tẹ̀ léra, lójijì “wal asúbáàtì”, kísírà ti padà, ó kọjá lórí Íísáà tí kì í fi àmì hàn nítorí álífù tó parí ẹ̀, ó tún wá ń bá fátúhà lọ, “wa Ayúùbà wa Yúúnúsà wa Háárúúnà wa Súláémáànà”. Járì ni gbogbo wọn wà o, iláà ló fà wọ́n.

Kí ló dé tí Núúhù fi yàtọ̀? Orúkọ àjèjì ni òun náà, kì í ṣe ti Lárúbáwá láti ìpìlẹ̀, àmọ́ lẹ́tà mẹ́ta péré ni, sùkúùnù sì ni àárín ẹ̀, ó fúyẹ́ lẹ́nu, torí náà wọ́n fi tánwíìnì sílẹ̀ fún un. Lúútù náà bẹ́ẹ̀. Ìbùráhíìmù àti Ìsùmáíìlù ju lẹ́tà mẹ́ta lọ, orúkọ èèyàn ni wọ́n, àjèjì sì ni wọ́n, ìdí méjì yẹn ló pàdé lórí wọn tó fi dí tánwíìnì lọ́nà. Muhamádù ní tiẹ̀, Lárúbáwá pọ́ńbélé ni. Àwọn mẹ́fà tó ń gba tánwíìnì nínú àwọn ànábì tí Kùránì dárúkọ, àwọn alùfáà ti kó wọn sínú “sun ṣamúláhù”: sọ́ọ̀dì fún Sọ́líhù, núún fún Núúhù, ṣíín fún Ṣúáébù, míímù fún Muhamádù, láámù fún Lúútù, háà fún Húúdù. Ẹ há ìyẹn, ẹ ò ní máa méfò mọ́. Asúbáàtì kì í tiẹ̀ ṣe orúkọ ẹnì kan, àwọn ìran ọmọ Yakúùbù ni.

Ẹ wo ìparí áyà yẹn dáadáa o, “wa áátáénáà Dáúúdà sábúúrà”. Fátúhà ló wà lórí Dáúúdù náà, àmọ́ tí tíṣà bá ní kẹ́ ẹ ṣe ìrábù ẹ̀ tẹ́ ẹ sọ pé járì ni, ẹ ti gbòdo, torí Dáúúdù ni wọ́n fún ní Sábúrà, násúbù ni. Ohun tó ń da ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ láàmú ní ẹ̀sáàmù gan-an nìyẹn: wọ́n á rí fátúhà, wọ́n á kàn kọ “mọ́ńsúùbù” tàbí “májúrúùrù”, wọn ò ní wẹ̀yìn wo ohun tó ṣáájú ẹ̀.

Ọ̀nà tí mo fẹ́ràn jù láti fi dá a mọ̀ ni kéèyàn wo ọ̀rọ̀ tó ń tẹ̀ lé e, èyí tó ń ṣàpèjúwe ẹ̀. Ẹ mú hádíìsì àníyàn, èyí tí ọmọ ilé-kéwú ń kọ́kọ́ há: “an amíírìl múmìníínà Abíì Háfúsìn Úmárà búnìl Katáàbì”. Háfúsù gba tánwíìnì, Úmárù gba fátúhà, “búnì” tó tẹ̀ lé Úmárù sì gba kísírà. Tó bá jẹ́ pé násúbù ni Úmárù wà lóòótọ́, “búnà” là bá gbọ́. Kísírà orí “búnì” ló sọ pé járì ni ọ̀gá ẹ̀ wà, fátúhà kàn ń bò ó mọ́lẹ̀ ni. Tẹ́ ẹ bá ń kọ ìrábù ẹ̀, ẹ kọ pé májúrúùrù ni, àmì járì ẹ̀ ni fátúhà tó dípò kísírà, nítorí pé mámúnúù mínásọ́ráfì ni.

Ó wá ku ti kísírà tó ń padà wálé. Tí irú ọ̀rọ̀ yìí bá gba “al”, tàbí tó bá di mudọ́ọ̀fù, ìyẹn tó ní ọ̀rọ̀ míì tó so mọ́ ọn lẹ́yìn, kísírà ẹ̀ máa padà. “Bi áhúsánà mínúháà” ló wà nínú Súrátù Nisáì áyà 86, fátúhà ni, àmọ́ ẹ dé Súrátù Tíínì, “fíì áhúsánì tákúwíìmù”, ọ̀rọ̀ kan náà, kísírà ti dé, torí tákúwíìmù ti so mọ́ ọn lẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ náà ni “fíì masáájídà” àti “fíìl masáájídì”.

Ibi táwọn èèyàn ti ń yọ̀ ṣubú ni pé wọ́n gbọ́ “mudọ́ọ̀fù” wọ́n rò pé ọ̀rọ̀ méjèèjì ló kàn. Rárá o, ti iwájú nìkan ni. “Mílátà Ìbùráhíìmà” là ń kà, Ìbùráhíìmù ló gbẹ̀yìn níbẹ̀, nǹkan kan ò so mọ́ òun lẹ́yìn, fátúhà ẹ̀ dúró gbọin. “An Abíì Húráérátà” náà bẹ́ẹ̀, àmọ́ ẹ̀ẹ̀melòó lẹ ti gbọ́ “Húráérátì” lórí mìḿbárì?

Ọ̀rọ̀ ọ̀pọ̀ náà ní tiẹ̀. Masáájídù àti mọsọ́bííhù, ìyẹn fìtílà inú Súrátù Múlùkì, “bi mọsọ́bííhà”, ó dí tánwíìnì torí bí wọ́n ṣe tò ó: álífù ló wà láàárín, lẹ́tà méjì ló tẹ̀ lé e, tàbí mẹ́ta tí yáà tó wà láàárín wọn ní sùkúùnù. Kútúbù àti rijáálù ò sí nínú wọn, ẹ jẹ́ kí wọ́n gba kísírà wọn. Maláíkátù sì ń tan èèyàn, torí ó fẹ́ jọ masáájídù, àmọ́ táà tó wà ní ìdí ẹ̀ ti yọ ọ́ kúrò, ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi ń ka “maláíkátùn” pẹ̀lú tánwíìnì nínú Súrátù Táhúríìmù áyà 6.