Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ bí a bá ń gbé ìkéde kan lọ sí LinkedIn, X àti Instagram

Ìyá aláró kan wà ní Ìtòkú, Abẹ́òkúta, tí mo máa ń bá kọ ìkéde. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni wọ́n ń kọ́ ogún èèyàn ní àdìrẹ ẹlẹ́kọ fún ọjọ́ mẹ́ta, ibi mẹ́ta la sì máa ń kéde rẹ̀ sí: LinkedIn, X àti Instagram. Lọ́dún àkọ́kọ́, ìkéde kan ṣoṣo ni mo kọ, mo sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bó ṣe wà. Àṣìṣe tó tibẹ̀ yọ ni mo ṣì ń rí lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ oníṣòwò títí di òní.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ti X, nítorí ibẹ̀ ni èdè wa ti ń jìyà. Ẹni tí kò bá sanwó fún X ní àyè lẹ́tà 280, àṣìṣe àkọ́kọ́ sì ni kéèyàn mú ìkéde gígùn, kó máa gé e láti ìsàlẹ̀ títí yóò fi wọlé. Ìsàlẹ̀ ìkéde ni ọjọ́, owó àti líǹkì sábà máa ń wà. Ohun tó bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn gígé kì í ju ìkíni àti orúkọ ilé-iṣẹ́ lọ. Ẹ má ṣe gé ìkéde gígùn. Ẹ gbàgbé rẹ̀, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí ohun tí ẹni tó fẹ́ wá kò gbọ́dọ̀ má mọ̀: kí ni, níbo, nígbà wo, èló, báwo ni mo ṣe máa forúkọ sílẹ̀.

Àṣìṣe kejì ló burú jù. X kì í ka lẹ́tà wa bí ojú ṣe ń rí i. Lẹ́tà tó wọ́pọ̀, bíi a, k tàbí á, oókan ló kà wọ́n sí. Ṣùgbọ́n ẹ, ọ àti ṣ, eéjì eéjì ni. Bí àmì ohùn bá tún wà lórí ẹ tàbí ọ, ó di ẹẹ́ta. Ẹ wo “ẹ̀kọ́ ọjọ́ mẹ́ta”: ojú rí méjìlá, pẹ̀lú àlàfo inú rẹ̀, ṣùgbọ́n X á kà á sí 21. Ìdí nìyẹn tí ìkéde Yorùbá tó dà bíi pé kò gùn fi máa ń kọ̀ láti wọlé. Tó bá wá kọ̀ báyìí, àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀ lọ̀pọ̀ èèyàn máa ń yọ kí àyè lè gbà wọ́n.

Èmi náà yọ ọ́ lọ́dún yẹn. Mo kọ “Eko ojo meta lori adire eleko”. Kí ilẹ̀ tó ṣú, obìnrin kan ti pè: “Ẹ káàsán mà, ibo gan-an ní Èkó lẹ ti máa ṣe é?” Kò ṣìwí. Láìsí àmì, ẹ̀kọ́ tí a ń kọ́, ẹ̀kọ tí a ń mu àti Èkó ìlú, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Ìyá aláró bínú, wọ́n ní, “Ìwọ ọmọ yìí, Abẹ́òkúta lo gbà lọ́wọ́ mi yẹn.” Láti ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ ni mò ń dín kù, n kì í yọ àmì. Líǹkì ò sì gba àyè púpọ̀ bí ẹ ṣe rò: bó ti wù kó gùn tó, 23 ni X ń kà á sí, nítorí náà kò sídìí láti yọ ọ́. Èyí tí mo kọ lẹ́yìn náà rèé:

“A fẹ́ kọ́ èèyàn 20 ní àdìrẹ ẹlẹ́kọ ní Ìtòkú, Abẹ́òkúta. Ọjọ́ 14 sí 16 oṣù karùn-ún, aago 9 àárọ̀. Owó rẹ̀ ₦45,000, aṣọ àti aró wà nínú rẹ̀. Ẹ forúkọ sílẹ̀ títí di ọjọ́ 7:”

Pẹ̀lú àmì rẹ̀ pé pérépéré, tí líǹkì sì tẹ̀ lé e, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 215. Àyè ṣì kù.

Ní Instagram, líǹkì ni àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù. Èyí tí ẹ bá kọ sábẹ́ àwòrán kò ṣeé tẹ̀. Ẹni tó rí i máa fọwọ́ kàn án, kò ní ṣí, á sì kọjá lọ. Inú àlàyé ara yín lókè ojú ìwé yín ni kí ẹ fi líǹkì sí, kí ẹ sì sọ ọ́ lábẹ́ àwòrán pé ibẹ̀ ló wà. Nínú Story, ẹ lè lẹ líǹkì tó ṣeé tẹ̀ mọ́ ọn, àmọ́ wákàtí 24 péré ni yóò lò.

Ekejì ni kéèyàn kó gbogbo ọ̀rọ̀ ìkéde sínú àwòrán. Lórí fóònù, ọ̀rọ̀ wínníwínní bẹ́ẹ̀ kì í ṣeé kà, èyí tó bá sì sún mọ́ etí àwòrán lè gé kúrò nígbà tó bá wà lára àwòrán kéékèèké ojú ìwé yín. Ewu tó tún wà níbẹ̀ ni pé ẹ lè tún ọ̀rọ̀ abẹ́ àwòrán kọ lẹ́yìn tí ẹ bá ti gbé e síta, ṣùgbọ́n ẹ ò lè fi àwòrán mìíràn rọ́pò èyí tó wà níbẹ̀. Bí ọjọ́ bá yí padà, irọ́ ni àwòrán náà á máa pa kiri. Ẹ jẹ́ kí àwòrán ṣe iṣẹ́ tirẹ̀. A ya ọwọ́ ìyá aláró níbi tí wọ́n ti ń fi ìyẹ́ adìyẹ ya ọnà láfún sára aṣọ funfun. A ya aṣọ náà bó ṣe ń jáde nínú ìkòkò aró, nígbà tí àwọ̀ rẹ̀ ṣì rí bí ewé, àti lẹ́yìn tí atẹ́gùn fẹ́ sí i tó di búlúù. Owó àti ọjọ́ wà lábẹ́ rẹ̀, nínú ọ̀rọ̀, ní ìlà méjì àkọ́kọ́, torí ìyókù yóò fara pa mọ́ títí ẹni tó ń kà á yóò fi tẹ̀ ẹ́.

LinkedIn gba ọ̀rọ̀ tó pọ̀, ó tó 3,000 lẹ́tà, àyè yìí gan-an ló sì ń tan èèyàn. Ìlà bíi mẹ́ta péré ló máa ń hàn kó tó ní kí wọ́n tẹ “more”. “Inú wa dùn gidigidi láti kéde fún gbogbo ènìyàn” ti jẹ àyè yẹn tán láìsọ nǹkan kan. Àwọn tó ń kà á níbẹ̀ yàtọ̀: ọ̀gá ilé ìránṣọ tó fẹ́ rán òṣìṣẹ́ méjì wá, olùkọ́ iṣẹ́ ọnà, ẹni tó ń ra aṣọ lọ sí òkè òkun. Wọ́n á fẹ́ mọ ẹni tó ń kọ́ni, iye ọdún tó ti ń rẹ aró, àti bóyá ilé-iṣẹ́ lè sanwó kó sì gba rìsíìtì. Ìlà àkọ́kọ́ wa di: “Ìyá aláró tó ti ń rẹ aró láti ọgbọ̀n ọdún yóò kọ́ èèyàn 20 ní Abẹ́òkúta, a ń gba òṣìṣẹ́ tí ilé-iṣẹ́ bá rán wá.” Bákan náà, orúkọ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú @ tí ẹ dà kọ láti X kò ní so mọ́ ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ẹ tún un tẹ̀ níbẹ̀, kí ẹ sì yan ẹni náà nínú orúkọ tó bá jáde.

Àṣìṣe tó kẹ́yìn máa ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí ìkéde ti jáde. Òjò ńlá ba òrùlé jẹ́ lọ́dún kan, a sì sún ẹ̀kọ́ síwájú ní ọ̀sẹ̀ kan. Mo tún ti LinkedIn ṣe, mo tún ọ̀rọ̀ abẹ́ àwòrán ṣe ní Instagram, mo sì gbàgbé X, níbi tí ẹni tí kò sanwó kò ti lè tún ohun tó kọ ṣe. Èèyàn mẹ́ta wá ní ọjọ́ tí a kọ́kọ́ kéde, ọ̀kan wá láti Ṣakí. Nísinsìnyí, ìwé kan ṣoṣo wà tí ọjọ́, owó, ibi àti líǹkì wà nínú rẹ̀. Ara rẹ̀ ni mo ti ń dà wọ́n kọ sí ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo sì kọ ibi tí mo gbé ìkọ̀ọ̀kan sí sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Bí nǹkan bá yí padà, X ni mo kọ́kọ́ ń lọ: mo máa pa èyí tó wà níbẹ̀ rẹ́, mo sì máa gbé tuntun síta, kí n tó kọjú sí méjì yòókù.