Ẹ má kọ "Taufe" sí ìwé ìpè ìsọmọlórúkọ

Ẹ̀yin ará Àjàṣẹ́, Kétu àti Sábẹ̀ẹ́, bí ẹ bá ń pe ará Jámánì tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ tàbí tí ẹ jọ ń gbé àdúgbò síbi ìsọmọlórúkọ, "Namensfeier" ni kí ẹ kọ, kì í ṣe "Taufe". Káàdì Faransé wa ló ń kó bá wa: "baptême" la máa ń kọ síbẹ̀, ẹni tó bá sì tú u báyẹn á bọ́ sórí "Taufe", ìyẹn ìrìbọmi. Ará Jámánì á wá máa wá ṣọ́ọ̀ṣì kiri, kódà bó jẹ́ lèmọ́ọ̀mù ló máa sọ ọmọ náà lórúkọ. Ẹ má tú "ọjọ́ kẹjọ" náà o. Àwa ń ka ọjọ́ ìbí mọ́ ọn: ọmọ tí a bí ní ọjọ́ Ajé, 1 oṣù kẹfà, ọjọ́ Ajé 8 là ń sọ ọ́ lórúkọ. Ẹni tí kò bá ka ọjọ́ ìbí á dé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, nígbà tí a ti fọ ìkòkò tán. Ẹ kọ "Montag, 8. Juni, 8 Uhr", kó sì jẹ́ aago tí ẹ máa bẹ̀rẹ̀ gan-an. Fún owó inú àwo, ẹ fi gbólóhùn yìí kún un, kí wọ́n má baà rò pé owó ìwọlé ni; ohun tó ń sọ ni pé àlejò náà lè fún ọmọ lórúkọ, kó sì fi owó díẹ̀ sínú àwo fún un:

"Gäste dürfen dem Kind auch einen Namen geben und legen dazu etwas Geld in die Schale."

Àmọ́ bí pásítọ̀ bá máa ri ọmọ bọmi lọ́jọ́ náà lóòótọ́, "Taufe" tọ̀nà fún apá ti ṣọ́ọ̀ṣì.