Àṣìkọ inú PDF tí fọ́ǹtì rẹ̀ kò sí lórí kọ̀ǹpútà

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìwé ètò ìsìnkú bàbá wa ti délẹ̀ ní PDF, ọ̀la ló sì ń lọ sọ́dọ̀ atẹ̀wé. 1938 ni wọ́n bí wọn, 1983 ló wà nínú ìwé. Ẹni tó ṣe é kò gbé ìpè. Acrobat ní Garamond kò sí lórí kọ̀ǹpútà mi, nọ́ńbà tí mo sì tẹ̀ kò jọ ìyókù rárá. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú àṣẹ̀yìndè Bàbá o. Ẹ tẹ Ctrl+D nínú Acrobat, kí ẹ sì lọ sí ibi tí wọ́n kọ Fonts sí. Bí ẹ bá rí `Embedded Subset` lẹ́gbẹ̀ẹ́ Garamond, ìyẹn ni pé àwòrán àwọn lẹ́tà tí ìwé náà lò nìkan ni wọ́n dì sínú rẹ̀. Èyí tí wọn kò lò kò sí níbẹ̀. Ó tó fún ẹni tó fẹ́ kà á, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ tẹ̀wé lé e, fọ́ǹtì orí kọ̀ǹpútà yín ni Acrobat ń wá. Tí kò bá rí i, á fi òmíràn dípò. Ohun tó bá yín nìyẹn.

Ẹ wá wò ó: 1, 9, 8 àti 3 ti wà nínú fáìlì náà, nítorí wọ́n ti kọ 1983. Ipò wọn nìkan ló yẹ ká yí. Ìdí nìyí tí mi ò fi ní ní kí ẹ lọ ra fọ́ǹtì. Ẹ gba qpdf, ọ̀fẹ́ ni, kí ẹ sì fi tú fáìlì náà sílẹ̀ kí ó ṣeé kà:

```
qpdf --qdf --object-streams=disable eto.pdf tunse.pdf
```

Ẹ fi Notepad++ ṣí `tunse.pdf`, kí ẹ wá 1983. Ó ṣeé ṣe kí ẹ bá a báyìí:

```
[(1983)] TJ
```

Ẹ sọ ọ́ di `(1938)`, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀ láì fọwọ́ kan ohunkóhun mìíràn. Nọ́ńbà mẹ́rin ló rọ́pò mẹ́rin, nítorí náà gígùn fáìlì kò yí padà, kò sì ní bàjẹ́. Bí ẹ bá fi lẹ́tà kún un tàbí yọ kúrò, ẹ gbọ́dọ̀ tún un tò, inú Command Prompt ni kí ẹ sì ti ṣe é. PowerShell tó bá Windows wá lè ba fáìlì jẹ́ níbi àmì `>` yìí:

```
fix-qdf tunse.pdf > titun.pdf
```

Nígbà mìíràn ẹ ò ní rí 1983. Ó lè jẹ́ pé wọ́n gé e sí méjì, bíi `[(19)3(83)] TJ`. Ẹ̀yìn 19 ni kí ẹ ti yí 83 sí 38. Ó sì lè jẹ́ kóòdù ló wà láàárín `<` àti `>`, tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní àmì mẹ́rin. Bí `<0014001C001B0016>` bá jẹ́ 1983, méjì ìkẹyìn lẹ ó pààrọ̀ kí ó di `<0014001C0016001B>`. Kóòdù tiyín lè yàtọ̀ sí èyí, ẹ kàn máa wo ipò wọn.

Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí i ní 400%. Bí nọ́ńbà náà bá rí bí àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí Ctrl+F sì rí 1938, tí fọ́ǹtì tuntun kankan kò yọjú níbi Fonts, ó ti bọ́ sí i.

Ìbéèrè: Ẹ ṣeun gan-an. Orúkọ ẹ̀gbọ́n mi náà tún wà níbẹ̀ ní “Folake”, láìsí àmì. Ṣé ọ̀nà kan náà ni?

Ìdáhùn: Ó dọwọ́ bóyá ọ àti ẹ wà níbòmíràn tí wọ́n fi fọ́ǹtì yẹn gan-an kọ. Bí wọn kò bá sí, kò sí kóòdù tó lè mú wọn wá. Èmi á fi fọ́ǹtì tó sún mọ́ ọn, bíi EB Garamond ọ̀fẹ́, kọ gbogbo ìlà orúkọ náà. Ẹ má fi sí lẹ́tà méjì péré, ojú á rí i kíá.

Kí ẹ tó fi lé e, ẹ tẹ “ẹ́” àti “ọ̀” wò ní ńlá. Kọ̀ǹpútà kò ní lẹ́tà kan ṣoṣo fún wọn: ẹ tàbí ọ ló kọ́kọ́ ń wá, àmì ohùn á sì gùn ún lórí. Fọ́ǹtì mìíràn máa ń jẹ́ kí àmì náà yọ̀ sí ẹ̀gbẹ́, atẹ̀wé kò sì ní mọ̀ pé àṣìṣe ni.

Ìbéèrè: Ẹnì kan ní kí n kàn fi àpótí funfun bò ó, kí n sì kọ ọ̀rọ̀ lé e.

Ìdáhùn: Fún ìwé títẹ̀, ó lè kọjá bí abẹ́ rẹ̀ bá funfun. Ṣùgbọ́n 1983 ṣì wà lábẹ́ rẹ̀, ẹni tó bá wá a nínú PDF tí ẹ fi ránṣẹ́ sí àwọn ará á rí i. Bí abẹ́ rẹ̀ bá ní àwọ̀ tàbí àwòrán Bàbá, àpótí yẹn á yọ gedegbe.